Ibi Tí Àlejò Ń Dúró: Ìtàn Ojúde, Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti Iyẹ̀wù nínú Ilé Ìwó

Àwọn àgbà ní inú ilé ẹni ni a ti ń jẹ èkúté onídodo. Wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ èkúté náà. Ibi tí a ti ń jẹ ẹ́ ni wọ́n tọ́ka sí. Bí a bá rò ó dáadáa, ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ wà nínú òwe yìí. Kí ènìyàn tó lè jẹ ohun tí kò fẹ́ kí ará ìta rí, ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ibi tí ojú ará ìta kò dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni a sì mọ̀ pé Yorùbá kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò. Báwo wá ni àwọn bàbá wa ní Ìwó ṣe ń gba gbogbo ayé sílé tí àṣírí ilé kò sì tú? Ìdáhùn ìbéèrè yìí wà nínú bí wọ́n ṣe pín ilé sí apá ìta, apá àárín àti apá ìkọ̀kọ̀. Nínú àròkọ yìí, màá tẹ̀lé àlejò kan ṣoṣo wọ oríṣi ilé mẹ́ta tí ó ti wà ní ìlú wa: agbo ilé àtijọ́, ilé tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ là láàárín, àti fúláàtì òde òní. Ibi tí wọ́n ti dá àlejò yìí dúró nínú ilé kọ̀ọ̀kan ni yóò sọ ìtàn náà fún wa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti agbo ilé. Ìwó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìlú ńlá tí wọ́n fi agbo ilé kọ́, gẹ́gẹ́ bí Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Agbo ilé kì í ṣe ilé kan fún bàbá, ìyá àti ọmọ. Ó jẹ́ ọgbà ńlá tí àwọn ọmọ bàbá kan, àwọn ìyàwó wọn, àwọn ọmọ wọn àti àwọn tí ó bá wọn gbé ń gbé pọ̀ lábẹ́ baálé kan. Ògiri amọ̀ ni wọ́n fi yí i ká. Àwọn yàrá tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀yìn wọn ni ó kọ sí ìta, ojú wọn sì kọ sí inú, síbi àgbàlá tí ó ṣí sí ojú ọ̀run. Orúkọ tí a ń pe irú ilé onígun mẹ́rin bẹ́ẹ̀ ni àkòdì. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson parí ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó ṣàpèjúwe irú ọgbà bẹ́ẹ̀: ẹnu ọ̀nà àbáwọlé pàtàkì kan, yàrá tí ó tò yíká, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tí gbogbo yàrá ń jáde sí.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí àlejò wa dé. Ó ti ìlú mìíràn wá, ó gbé iṣẹ́ wá fún ọ̀kan lára àwọn ọmọ ilé. Ibi àkọ́kọ́ tí yóò kàn ni ojúde. Ojúde ni ilẹ̀ gbalasa tí ó wà níwájú agbo ilé. Ibẹ̀ ni igi ìbòòji sábà máa ń wà, ibẹ̀ ni àwọn ọkùnrin ti ń ta ayò, ibẹ̀ ni egúngún ti ń jó, ibẹ̀ náà sì ni a ti ń ṣe ìyàwó àti òkú. Ẹnikẹ́ni lè dúró ní ojúde láìtọrọ àyè. Ẹni tí kò mọ ẹnì kankan nínú ilé lè bu omi mu níbẹ̀ kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Apá ìta nìyẹn.

Láti ojúde, àlejò wa yóò dé ìloro. Ìloro ni iyàrá àbáwọlé tí ó ní òrùlé, tí a gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá kí a tó wọ inú ọgbà. Níbí ni yóò ti ké pé, "Àgò onílé o!" Kò gbọdọ̀ gbésẹ̀ síwájú títí tí ohùn kan yóò fi dáhùn láti inú pé, "Àgò yà!" Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ṣe iṣẹ́ ńlá. Láàárín ìgbà tí ó ké àgò sí ìgbà tí wọ́n dáhùn, obìnrin tí ń wẹ ọmọ lẹ́bàá ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti ro ìró rẹ̀ dáadáa, ẹni tí ń jẹun ti bo àwo, àwọn tí ń jà sì ti dákẹ́. Ilẹ̀kùn kò sí níbẹ̀ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ohùn ṣe ohun tí ilẹ̀kùn ń ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ kúkúrú ni àlejò wá jẹ́, ní ìloro yìí náà ni ẹni tí ó wá rí yóò ti jáde wá bá a.

Bí wọ́n bá ní kí ó wọlé, kò lè ṣàdédé rìn kiri. Yàrá baálé ni ó sábà máa ń kọjú sí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé. Nítorí náà, ojú baálé tàbí ojú ẹni tí ó jókòó níwájú yàrá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pàdé ẹni tí ó wọlé. Wọn yóò tẹ́ ẹní fún àlejò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálé. Ẹ kíyè sí i pé ó ti wà nínú ilé báyìí, ó ń rí àgbàlá, ó ń gbọ́ ìró odó, ó lè mọ̀ pé ilé kún tàbí pé ó ṣófo. Síbẹ̀, kò tíì rí ibùsùn ẹnikẹ́ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni apá àárín, kì í ṣe ìta, kì í sì í ṣe ìkọ̀kọ̀. Níbẹ̀ ni a ti ń jẹun, tí a ti ń pa àlọ́ fún ọmọdé, tí a ti ń di irun, tí a sì ti ń parí ìjà. Obìnrin kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀nba ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó wà níwájú yàrá rẹ̀, ibẹ̀ ni ó gbé ìkòkò omi rẹ̀ sí. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ògiri láàárín tirẹ̀ àti ti orogún rẹ̀, ọmọdé kékeré mọ ibi tí ti ìyá òun parí sí.

Lẹ́yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni yàrá wà, lẹ́yìn yàrá ni iyẹ̀wù. Iyẹ̀wù ni yàrá inú tí a kò lè dé láìjẹ́ pé a gba inú yàrá òde kọjá. Òkùnkùn máa ń wà níbẹ̀, nítorí pé fèrèsé kì í sí lára ògiri tí ó kọ sí ìta, bí ó bá sì wà, ó kéré. Ibẹ̀ ni owó ẹyọ wà, ibẹ̀ ni aṣọ tí ó níye lórí àti ohun ìbọ baba ńlá wà, ibẹ̀ ni a ti ń sọ ọ̀rọ̀ tí ògiri pàápàá kò gbọdọ̀ gbọ́. Àlejò wa lè wá sí ilé yìí fún ogún ọdún kí ó má mọ bí iyẹ̀wù ṣe rí. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé kí ó má wọ̀ ọ́. Bí wọ́n ṣe to ilé náà ni ó sọ ọ́ fún un: kí ó tó dé ibẹ̀, yóò ti kọjá níwájú ojú púpọ̀ tí yóò bi í pé níbo ló ń lọ.

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé àwọn ènìyàn ìgbà náà ka ààlà wọ̀nyí sí gidigidi? Ọ̀nà kan tí ó dájú ni kí a wo ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí wọ́n fẹ́ fìyà jẹ. Johnson ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gba gbèsè lọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́ san án. Ẹni tí ó ní owó yóò bẹ ológò lọ́wẹ̀, ìyẹn ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó lọ dógò ti onígbèsè. Ológò kì í dúró ní ojúde, kì í ké àgò. Yóò wọlé tààrà, yóò wá onígbèsè kàn, bí kò bá sì rí i, yóò jókòó sínú yàrá rẹ̀ gan-an títí yóò fi dé. Yóò máa pariwo, yóò máa béèrè oúnjẹ tí ó wù ú, yóò mú adìyẹ ilé pa jẹ, gbogbo ará ilé ni yóò sì máa yọ lẹ́nu. Kò na ẹnikẹ́ni, kò sì jí nǹkan. Ohun ìjà rẹ̀ ni pé ó sọ apá ìkọ̀kọ̀ di ojúde. Ìtìjú yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn mọ̀lẹ́bí fi máa ń yára dá owó jọ kí ológò lè kúrò. Bí kò bá sí ààlà nínú ilé, iṣẹ́ ológò kò ní lágbára kankan. Ẹni tí ó wọ ibi tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ kò ṣe ohun tí yóò dun onílé.

Ní Ìwó, ohun mìíràn tún wá fi kún ààlà yìí, ìyẹn ni ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Ọba Lamuye, tí a mọ̀ sí Olúwòó àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, wà lórí ìtẹ́ ní ìdajì kejì ọ̀rúndún 19 títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, Ìwó sì di ìlú tí a mọ̀ mọ́ ìmọ̀ kéwú. Àwọn kan nínú àwọn ìdílé Mùsùlùmí bẹ̀rẹ̀ sí fi ìyàwó wọn sí ẹ̀há, a sì ń pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní ẹlẹ́hàá. Ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ kò gbọdọ̀ rí i. Fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àlejò ti ń rí gbogbo àgbàlá kò tó mọ́. Ohun tí ó bá ẹ̀há mu ni kí àlejò ọkùnrin parí sí iyàrá iwájú, kí aṣọ ìkélé bo ẹnu ọ̀nà tí ó lọ sí inú, kí kànga àti ibi ìdáná sì wà níbi tí obìnrin lè dé láìjáde sí ìta. Ọmọdé ni ó wá di afárá láàárín apá méjèèjì: òun ni ń gbé ọjà ìyá rẹ̀ lọ tà, òun ni ń mú owó wọlé, òun náà ni ń gbé omi jáde fún àlejò.

Ohun tí ó wu mí jù nínú ẹ̀kọ́ yìí ni pé ó fi àkókò kún ọ̀rọ̀ ibi. Nínú Súrà kẹrìnlélógún ti Kùránì, ẹsẹ 27 ní kí ènìyàn má wọ ilé onílé láìgba àyè kí ó sì kí àwọn ará ibẹ̀. Èyí bá àgò tiwa mu rẹ́gí, kò yani lẹ́nu pé "Salaamu alaekun" wá ń ṣe iṣẹ́ kan náà ní ìloro. Ẹsẹ 58 sì dárúkọ ìgbà mẹ́ta tí àwọn ọmọ kékeré àti ìránṣẹ́ inú ilé pàápàá gbọ́dọ̀ tọrọ àyè kí wọ́n tó wọlé tọ àgbà: ṣáájú ìrun Àṣúbàá, ní ọ̀sán tí ènìyàn bọ́ aṣọ sinmi, àti lẹ́yìn ìrun Iṣáì. Èyí fi hàn pé yàrá kan náà lè jẹ́ apá àárín ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ kí ó sì di apá ìkọ̀kọ̀ ní agogo méjì ọ̀sán.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi oyin pa agbo ilé àtijọ́. Ààlà rẹ̀ dára fún ìdílé lápapọ̀, kò dára tó bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó tuntun tí ó bá sunkún lóru, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni yóò gbọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó rí owó díẹ̀ kò lè ra nǹkan wọlé kí wọ́n má mọ̀. Ẹni tí ó ń ṣàìsàn ní àìsàn tí ó ń tijú kò ní ibi tí yóò sá sí. Síbẹ̀, àìsí ìkọ̀kọ̀ yìí ní èrè tirẹ̀. Ọkọ tí ó bá gbé ọwọ́ sókè sí ìyàwó rẹ̀, kí ọwọ́ náà tó balẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ìyáálé ti dé ẹnu yàrá. Ọmọ tí ebi ń pa kò ní láti ṣàlàyé. Etí tí ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni náà ni ó ń gbani sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sí i.

Kí ni ó wá yí agbo ilé padà? Ohun mẹ́ta pàdé ara wọn. Èkíní ni àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì, tí púpọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí padà sí Èkó lẹ́yìn rògbòdìyàn tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí dá sílẹ̀ ní Bàhíà ní 1835. Bíríkìlà àti káfíńtà wà láàárín wọn, wọ́n sì mú ilé olójú fèrèsé ńlá, tí ọ̀nà kan là láàárín rẹ̀, wá sí ilẹ̀ wa. Èkejì ni ọkọ̀ ojú irin, tí ó dé Ìbàdàn ní 1901, tí ó sì dé Òṣogbo ní 1907. Ó sọ páànù àti sìmẹ́ńtì di ohun tí ó lè dé àárín ilẹ̀ Yorùbá lọ́pọ̀ yanturu. Ẹ̀kẹta ni owó kòkó, tí ó jẹ́ kí ọmọ ilé kan ṣoṣo lè dá kọ́ ilé láìdúró de baálé.

Ilé tí ó jáde láti inú ohun mẹ́ta yìí kò ṣòro láti mọ̀, ó ṣì pọ̀ ní Ìwó títí di òní. Bí ẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà iwájú, ẹ óò rí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn gbọnrangandan. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan ni ó so méjèèjì pọ̀, yàrá sì kọjú sí yàrá lọ́tùn-ún àti lósì. Ní èyí tí mo fi tépù wọ̀n, ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 5, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 44, yàrá mẹ́rin-mẹ́rin sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ilé ìdáná, balùwẹ̀ àti ṣáláńgá wà ní ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ jẹ́ kí àlejò wa wọ ilé yìí. Kò sí ìloro mọ́. Láti orí àtẹ̀gùn iwájú, ẹsẹ̀ kan ni ó gbé, ó ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń jẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ti yí padà. Ní agbo ilé, ibi ìjókòó ni, ó yí àgbàlá ká, ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn wà níbẹ̀. Níhìn-ín, ọ̀nà ni, kò sí ẹni tí ó lè tẹ́ ẹní sí i kí ó má dí ọ̀nà mọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé gbọ́dọ̀ kọjá níwájú ilẹ̀kùn mẹ́jọ. Bí ilẹ̀kùn méjì tí ó kọjú sí ara wọn bá ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, ibùsùn rí ibùsùn. Nígbà tí gbogbo yàrá jẹ́ ti ọmọ bàbá kan, èyí kò burú jù. Nígbà tí àwọn onílé bẹ̀rẹ̀ sí gba ayálégbé, tí ìdílé mẹ́jọ tí kò bá ara wọn tan wà nínú ilé kan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ di ojúde tí ó wọ inú ilé wá.

Àwọn ènìyàn kò káwọ́ gbera. Ẹni tí ó bá ní agbára yóò gba yàrá méjì tí ó wọnú ara wọn, yóò sọ ti òde di pálọ̀, ti inú di yàrá ìsùn. Ẹ wò ó dáadáa: yàrá òde àti iyẹ̀wù àtijọ́ ni ó padà wá ní orúkọ tuntun. Ẹni tí ó ní yàrá kan ṣoṣo yóò ta aṣọ ìkélé sí àárín rẹ̀, yóò gbé àga sí iwájú aṣọ náà, yóò gbé ibùsùn sí ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú ẹsẹ̀ bàtà 10 péré, ó ti dá apá àárín àti apá ìkọ̀kọ̀ sílẹ̀. Mo rò pé kò sí ẹ̀rí tí ó ju èyí lọ pé ènìyàn kò lè gbé láìsí ààlà. Bí ilé kò bá fún un, yóò fi aṣọ ṣe é.

Ní ìta náà, nǹkan ti yí padà. Bí ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan ṣe ń wó apá tirẹ̀ nínú agbo ilé tí ó sì ń kọ́ ilé páànù síbẹ̀, àkòdì ń tú díẹ̀díẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje, nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn ìlú ńlá Nàìjíríà tí ó jáde ní 1968, ṣàlàyé bí agbo ilé ṣe ń pín sí wẹ́wẹ́ ní ọkàn ìlú bí Ìbàdàn. Ògiri yíká wó, ìloro wó, àgbàlá sì di àlàfo tóóró láàárín ilé sí ilé. Ibi tí ó jẹ́ inú lọ́jọ́ kan di ọ̀nà tí ọlọ́kadà ń gbà. Fèrèsé ńlá tí ilé tuntun ní wá kọjú sí fèrèsé ilé kejì. Bí ẹ bá rìn ní ọkàn ìlú Ìwó lónìí, tí ẹ sì ṣàdédé bá ara yín níbi tí obìnrin kan ti ń fọ abọ́, kì í ṣe pé ẹ ṣìnà. Inú agbo ilé kan tí kò ní ìloro mọ́ ni ẹ wà.

Ilé kẹta ni fúláàtì, èyí tí púpọ̀ nínú àwọn òbí wa ń kọ́ sí àwọn àdúgbò tuntun. Gbogbo nǹkan wà lábẹ́ òrùlé kan: pálọ̀, ibi ìjẹun, kíṣìnì, yàrá mẹ́ta, balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ojú lásán lè sọ pé ilé yìí ni ó pa àṣírí mọ́ jù, nítorí ó ní fẹ́ǹsì, géètì àti ilẹ̀kùn tí ó ń tì. Ẹ jẹ́ kí a fi àlejò wa dán an wò. Mo wọn ọ̀kan tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100. Láti géètì, àlejò rìn dé ilẹ̀kùn iwájú, bí ilẹ̀kùn náà sì ti ṣí, ó ti wà ní àárín pálọ̀. Kò sí ibi tí ó ti lè dúró de àgò. Ẹni tí ó wá gba owó iná àti ẹni tí ó wá fẹ́ ọmọ, àga kan náà ni wọ́n jókòó sí. Láti orí àga yẹn, ó rí tábìlì oúnjẹ, ó rí ẹnu kíṣìnì, ó sì rí ọ̀nà tóóró tí ó lọ sí àwọn yàrá títí dé òpin. Nígbà tí ó ní òun fẹ́ tọ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó lè lò wà ní òpin ọ̀nà náà gan-an. Ó rin ẹsẹ̀ bàtà 28, ó sì kọjá lẹ́nu yàrá mẹ́ta kí ó tó dé ibẹ̀. Àlejò tí ó wá sí agbo ilé fún ogún ọdún láìrí iyẹ̀wù, nínú fúláàtì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ó fi dé ibẹ̀.

Àṣìṣe náà kò sí nínú ògiri. Ilé yìí ní ìta, ó ní ìkọ̀kọ̀, àárín ni kò ní. Bí òbí kan bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilé tí wọ́n yà sórí ìwé fún òun ní irú àìsàn yìí, ìdánwò méjì tó. Kí ó fi ìka sí orí àga àlejò nínú àwòrán náà, kí ó fa ìlà tààrà sí ibikíbi tí kò sí ògiri. Bí ìlà náà bá kan ilẹ̀kùn yàrá tàbí ti balùwẹ̀, ojú àlejò yóò kàn án. Lẹ́yìn náà, kí ó fa ọ̀nà tí àlejò yóò gbà dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ó ka ilẹ̀kùn yàrá tí ó kọjá. Iye tí ó yẹ ni òdo.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le bí a bá ṣe é kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Nínú ilé tí mo wọ̀n, yàrá ìkẹ́rùsí kékeré kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn iwájú. Bí a bá gbé ẹrù lọ sí ẹ̀gbẹ́ kíṣìnì, àyè ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 6 yẹn tó fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àlejò, ohun tí ó kù ni páìpù omi àti ti ìdọ̀tí tí yóò gùn díẹ̀ sí i. Bí a bá fi ògiri kúkúrú kan ya ẹnu ọ̀nà iwájú sọ́tọ̀ kúrò lára pálọ̀, ìloro ti padà dé. Bí a bá sì tẹ ọ̀nà yàrá kọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan dípò kí ó lọ gbọnrangandan, ògiri ni ojú àlejò yóò bá. Fún ilé tí wọ́n ti kọ́ tán, agbára wa kéré sí i: a lè yí àga kí ẹ̀yìn àlejò kọ sí ọ̀nà yàrá, a sì lè ta aṣọ ìkélé sí ẹnu rẹ̀. Aṣọ yóò dí ojú, kò ní dí etí.

Mo ti sọ pé a óò padà sí ọ̀rọ̀ etí. Agbo ilé gbọ́ ẹkún ìyàwó tuntun. Nínú fúláàtì tí fẹ́ǹsì yí ká, tí jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn rẹ̀, ta ni yóò gbọ́? Nígbà tí a pàdánù apá àárín, ohun méjì ni a pàdánù. Àlejò wá ń rí ohun tí kò yẹ kí ó rí, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyáálé, ìyá àgbà àti aládùúgbò kò rí ohun tí ó yẹ kí wọ́n rí mọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àtijọ́ ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀: ó dá ará ìta dúró, ó sì jẹ́ kí ará ilé mọ bí ará ilé ṣe jí. Ìdí nìyí tí ìjókòó kékeré níwájú ilé, tí aládùúgbò lè wá jókòó sí kí ó béèrè àlàáfíà ilé láìwọ pálọ̀, fi ní iṣẹ́ tí ilẹ̀kùn irin kò lè ṣe.

Ní ìrọ̀lẹ́, nínú àwọn agbo ilé díẹ̀ tí ìloro wọn kò tíì wó ní Ìwó, ẹ óò ṣì gbọ́ tí ẹnì kan ń ké àgò kí ó tó wọlé. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tuntun, béèlì ni a ń tẹ̀, ilẹ̀kùn sì ń ṣí kí ẹni tí ń jẹun tó bo àwo rẹ̀.